Àlejò Kan, Agbàlejò Méjì: Bí Iṣẹ́ Ṣe Ń Padà Sípò Láàárín Ìdajì Wákàtí

Nínú yàrá kékeré kan ní ọ́fíìsì, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà lórí pẹpẹ, àmọ́ kọ̀ǹpútà mẹ́rin ló ń gbé inú rẹ̀. Ọ̀kan ń tọ́jú àkọsílẹ̀ owó, ọ̀kan ń tọ́jú fáìlì àwọn òṣìṣẹ́, méjì yòókù sì ní iṣẹ́ tiwọn. Sọ́fítíwíà ló pín agbára ẹ̀rọ náà fún wọn, tí oníkálukú fi ń ṣe bí ẹni tó dá ilé tirẹ̀ gbé. Àwọn onímọ̀ ń pe irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ní àlejò, wọ́n sì ń pe ẹ̀rọ tó gbà wọ́n sílé ní agbàlejò. Ẹni tó bá ti háyà yàrá nínú ilé tí ayálégbé pọ̀ sí mọ ewu ibẹ̀: bí ìjì bá ṣí òrùlé, gbogbo wọn ni òjò yóò pa.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dá lé bí a ṣe ń fi ẹ̀dà àlejò pa mọ́ sọ́dọ̀ agbàlejò kejì kí ìjì tó dé. Ìbéèrè méjì ló ń pinnu ohun tí yóò náni. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mélòó la lè gbà kó sọnù? Wákàtí mélòó ni iṣẹ́ lè fi dúró? Báǹkì ńlá yóò dáhùn pé kò gbọdọ̀ sí rárá, owó rẹpẹtẹ ló sì máa ń tẹ̀lé ìdáhùn yẹn. Ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè fara da ìdajì wákàtí. Ẹ̀rọ méjì tí kò gbówó lórí tó fún wọn.

Àpẹẹrẹ tó yé èèyàn jù ni Proxmox VE, sọ́fítíwíà tí wọ́n ń ṣe ní ìlú Fiẹ́nà ní orílẹ̀-èdè Ọ́síríà. Láti ẹ̀dà 5.0, tó jáde lọ́dún 2017, ló ti lè fúnra rẹ̀ máa ṣe ẹ̀dà àlejò sọ́dọ̀ agbàlejò mìíràn, bí a bá ti so àwọn méjèèjì pọ̀ sínú ẹgbẹ́ Proxmox kan náà, tí dísíìkì wọn sì wà lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní ZFS. Ní àkókò tí a bá dá fún un, ZFS yóò ya àwòrán dísíìkì àlejò náà bó ṣe wà ní ìṣẹ́jú yẹn. Yóò fi í wé àwòrán tó yà ṣáájú, yóò sì fi kìkì ohun tó ti yí padà ránṣẹ́. Bí àlejò náà bá ń jẹ́ 100, tí agbàlejò kejì sì ń jẹ́ pve2, àṣẹ kan péré ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ àkọ́kọ́, pve1:

```
pvesr create-local-job 100-0 pve2 --schedule "*/15"
```

Ìyẹn ni pé kó máa ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú 15, 15.

Ìrìn àkọ́kọ́ ló máa ń pẹ́, torí gbogbo ẹrù ló ń gbé. Ká ní dátà tó wà lórí dísíìkì àlejò 100 jẹ́ 200 gígábáìtì, tí wáyà tó so ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀ sì lè gbé 100 mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Wáyà bẹ́ẹ̀ ń kó nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 11 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà ìrìn àkọ́kọ́ yóò gba wákàtí márùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn, bí 2 gígábáìtì bá ń yí padà láàárín ìṣẹ́jú 15, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni yóò fi débẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wáyà náà kò bá lè gbé ju mẹ́gábíìtì 10 lọ, ẹrù kan náà yóò gba ìdajì wákàtí. Ẹrù tuntun yóò ti délẹ̀ kí ti àná tó kúrò, ẹ̀dà náà kò sì ní bá àkókò mu láé. Kí ẹnikẹ́ni tó ra ẹ̀rọ kejì, ìṣirò yìí ni kó kọ́kọ́ ṣe.

Ibi tí ètò yìí ti máa ń já èèyàn kulẹ̀ ni pé ó lè má pariwo. Àyè lè tán lórí pve2, wáyà lè já, tàbí kí orúkọ ibi ìpamọ́ lórí ẹ̀rọ kejì má bá ti àkọ́kọ́ mu. Iṣẹ́ ìránṣẹ́ náà yóò bọ́ sí ipò àṣìṣe, yóò pa àkókò tí a dá fún un tì, yóò sì máa tún gbìyànjú ní ọgbọ̀n-ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àlejò ń ṣiṣẹ́ lọ, kò sẹ́ni tó fura, ẹ̀dà sì ti di ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹni tó bá ń tẹ `pvesr status` láràárọ̀, tó sì ń wo ìgbà tí ìránṣẹ́ kẹ́yìn yọrí sí rere, ni ọ̀ràn náà kò ní bá lójijì.

Ká wá gbà pé ọjọ́ burúkú ọ̀hún dé. Ní aago 10:07, pve1 jóná. Àwòrán tó ti dé pve2 ni ti aago 10:00, nítorí náà iṣẹ́ ìṣẹ́jú méje ló lọ. Bó bá jẹ́ aago 10:02 ló jóná, kí àwòrán aago 10:00 tó débẹ̀ tán, ti aago 9:45 ni wọn ìbá bá níbẹ̀, iṣẹ́ ìṣẹ́jú 17 ni ìbá sì sọnù. Ìdí nìyí tí “ìṣẹ́jú 15” fi máa ń ju 15 lọ nígbà tí ọ̀ràn bá dójú ẹ̀.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ fún ẹni tó ń bójú tó o ni kó rìn dé yàrá náà, kó sì yọ wáyà iná pve1. Kó tó débẹ̀, kò lè mọ̀ pé ó jóná; ó lè jẹ́ pé nẹ́tíwọ́kì ló já, tí pve1 sì ń ṣiṣẹ́ lọ níbẹ̀. Bí a bá tan àlejò 100 sórí pve2 nígbà yẹn, àlejò kan náà yóò máa gba àkọsílẹ̀ owó níbi méjì, kò sì sí ẹni tó lè so ìwé méjèèjì pọ̀ mọ́. Proxmox fúnra rẹ̀ ń bẹ̀rù èyí. Ìbò ọ̀pọ̀ ló fi ń ṣèlú láàárín àwọn agbàlejò, ìbò kan nínú méjì kì í sì í ṣe ọ̀pọ̀, nítorí náà pve2 yóò ti àkọsílẹ̀ ètò rẹ̀ pa, kò ní gba àyípadà kankan. Èèyàn ló gbọ́dọ̀ sọ fún un pé ìbò kan tó. Àṣẹ mẹ́ta tí yóò tẹ̀ lórí pve2 nìyí:

```
pvecm expected 1
mv /etc/pve/nodes/pve1/qemu-server/100.conf /etc/pve/nodes/pve2/qemu-server/
qm start 100
```

Àkọ́kọ́ ń dín iye ìbò tí a ń retí kù, ìkejì ń gbé ìwé àlejò náà láti orúkọ agbàlejò kan sí èkejì, ìkẹta ń tàn án. Àlejò náà yóò jí bí ẹni tí iná já mọ́ lójú iṣẹ́, torí ohun tó wà nínú iyè rẹ̀ kò bá a wá. Dísíìkì nìkan ló ní ẹ̀dà. Dátábéèsì tó dáa mọ bí a ti ń tún ara ṣe lẹ́yìn irú ìjí bẹ́ẹ̀. Bí a bá gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti rìn débẹ̀ kí ó sì dá wa lójú, mẹ́ta láti tẹ àṣẹ, márùn-ún kí àlejò jí, àti méje láti yẹ̀ ẹ́ wò, aago 10:32 ni akọ̀wé owó yóò padà sẹ́nu iṣẹ́, tí yóò sì tún àwọn rìsíìtì láti aago 10:00 kọ.

Àwọn agbàlejò méjèèjì gbọ́dọ̀ súnmọ́ra, torí ìdìbò wọn kò fara da nẹ́tíwọ́kì tó ń fà. Wọ́n lè wà ní ilé méjì nínú ọgbà kan náà, àmọ́ kò dáa kí wọ́n wà nínú yàrá kan. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 2021, iná jó ilé kọ̀ǹpútà SBG2 ti OVHcloud ní Sítírásíbọ̀ọ̀gì ní ilẹ̀ Faransé kanlẹ̀, àwọn oníbàárà kan sì pàdánù ojúlówó àti ẹ̀dà, torí ibì kan náà ni méjèèjì wà. Bẹ́ẹ̀ sì ni agbàlejò kejì kò lè gbani lọ́wọ́ àṣìṣe ọwọ́. Fáìlì tí òṣìṣẹ́ bá pa rẹ́ ní aago 10:01 yóò ti pa rẹ́ lórí pve2 náà kí aago 10:20 tó lù. Ẹ̀dà àfipamọ́ ojoojúmọ́, níbòmíràn, ṣì jẹ́ dandan.

Ẹ mú ọjọ́ Sátidé kan tí ọ́fíìsì bá ṣófo, ẹ pa pve1 lóòótọ́, ẹ fún ẹni tí kò kọ ètò náà ní ìwé àṣẹ mẹ́ta yẹn, kí ẹ sì fi aago ká a. Iye ìṣẹ́jú tó bá gbà á ni kí ẹ sọ fún ọ̀gá yín.