Kí Ló Ń Tán Nínú Bátìrì?

Lónìí, bátìrì tí John Daniell ṣe ní 1836 ni mo gbé wá. Irin síńkì wà nínú omi iyọ̀ síńkì, bàbà wà nínú omi iyọ̀ bàbà. Bí iyọ̀ méjèèjì bá jẹ́ móòlù kan nínú lítà kan, ní 25°C, fóòtì 1.10 ló máa fún wa. Òun ni E°.

Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì ni átọ́ọ̀mù síńkì kọ̀ọ̀kan ń fi sílẹ̀, nítorí náà n jẹ́ 2. F jẹ́ 96,485. Ẹ wá wò ó:

ΔG° = −nFE° = −2 × 96,485 × 1.10

Ó tó −212,000 júùlù fún móòlù síńkì kan. Iye kan náà yìí la tún lè kọ báyìí:

ΔG° = −RT ln K

R jẹ́ 8.314, T jẹ́ 298. K wá di nǹkan bí 10³⁷! Ìyẹn ni pé nígbà tí ohun gbogbo bá dúró, síńkì inú omi máa fi ìlọ́po 10³⁷ ju bàbà inú omi lọ. Ká kúkú sọ pé bàbà ti tán nínú omi.

Àwọn kan rò pé bí bátìrì bá kú, ΔG° ti di òdo. Rárá o! E° ò kúrò ní 1.10. E lásán, èyí tí mítà ń kà, ló ń lọ sí òdo. Ó sì ń rọra lọ ni: bí síńkì inú omi bá ti di ìlọ́po mẹ́wàá bàbà, mítà ṣì máa ka nǹkan bí 1.07.