“Ẹ ń bọ̀ lọ́la, àbí?”: Ìdájọ́ lórí ìbéèrè àsomọ́ nínú èdè àwọn ará abúlé Ìbàdàn

Ìbéèrè àsomọ́ ni ìbéèrè kúkúrú tí asọ̀rọ̀ máa ń so mọ́ ìdí gbólóhùn tó ti sọ tán, kì í ṣe nítorí pé kò mọ ibi tí ìdáhùn yóò fì sí, bí kò ṣe nítorí pé ó ti ní èrò kan lọ́kàn, ó sì ń fẹ́ kí olùgbọ́ bá a fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá bi aládùúgbò rẹ̀ ní Akánrán pé “Ṣé ẹ ń bọ̀ lọ́la?” kò tíì mọ̀ bóyá onítọ̀hún ń bọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ pé “Ẹ ń bọ̀ lọ́la, àbí?” ti gbà pé ó ń bọ̀, ẹ̀rí ló ń wá. Ìyàtọ̀ yìí ni ó yẹ kó wà lọ́kàn ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dájọ́ bóyá “àbí” yìí jẹ́ Yorùbá àjùmọ̀lò, èyíinì ni Yorùbá tí gbogbo ìran náà fi ń kọ̀wé tí wọ́n sì fi ń kọ́ni nílé ìwé, tàbí ó jẹ́ àṣà ẹnu àwọn ará ìlú kéékèèké àti abúlé oko tó yí Ìbàdàn ká ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà.

Ohun tó máa ń mú kí ìdájọ́ náà ṣì ni pé ohùn ni etí kọ́kọ́ ń gbọ́, kó tó gbọ́ gírámà. Ẹnu ọmọ Ìbàdàn kì í sábà ya ìró ṣ sọ́tọ̀ kúrò lára ìró s, nítorí náà, “Sebí ẹ ń bọ̀?” ni àgbẹ̀ kan ní Lálúpọn lè wí níbi tí ìwé yóò ti kọ “Ṣebí ẹ ń bọ̀?” Bí olùkọ́ tó wá láti ìlú mìíràn bá gbọ́ ọ, ó lè sọ pé èdè àdúgbò ni gbogbo gbólóhùn náà, bẹ́ẹ̀ ìró kan ṣoṣo ló jẹ́ ti àdúgbò nínú rẹ̀. Wúnrẹ̀n náà fúnra rẹ̀, ipò tó wà níwájú gbólóhùn, àti iṣẹ́ tó ń ṣe, ìyẹn pípe olùgbọ́ láti jẹ́rìí sí ohun tí asọ̀rọ̀ ti gbà tẹ́lẹ̀, jẹ́ ti Yorùbá àjùmọ̀lò láìkù síbì kan. Àwọn tó ń sọ ẹ̀ka-èdè Òǹkò ní Òkè-Ògùn pàápàá ní ìró mìíràn tí wọ́n ń lò níbi tí ṣ yẹ kó wà, ìró kan tí àkọtọ́ Yorùbá kò ní lẹ́tà fún, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó lè tìtorí èyí sọ pé ìbéèrè wọn kì í ṣe ìbéèrè Yorùbá.

Ọ̀rọ̀ “àbí” gba ìyẹ̀wò tó jinlẹ̀ ju èyí lọ, nítorí pé ẹ̀sùn tí wọ́n fi ń kàn án yàtọ̀: àwọn kan gbà pé “tàbí” ni ó jẹ́, pé ọ̀lẹ ẹnu ló gé t kúrò níwájú rẹ̀. Gbólóhùn fúnra rẹ̀ ni yóò dáhùn. A lè sọ pé “Ra iṣu tàbí gààrì bọ̀,” ṣùgbọ́n bí a bá fi “àbí” sí ipò “tàbí” nínú àṣẹ yìí, etí àgbà kò ní gbà á dáadáa. Bó bá di ìbéèrè, tí a ní “Iṣu lẹ máa rà àbí gààrì?”, ara “àbí” rọ̀ ọ́. Ní ìparí gbólóhùn, ọ̀ràn náà tún yí padà pátápátá, nítorí pé “Ẹ ń bọ̀ lọ́la, tàbí?” ń dún bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n já gbà lẹ́nu ẹni tó ń sọ ọ́, olùgbọ́ yóò sì máa dúró de ohun tó kù, nígbà tí “Ẹ ń bọ̀ lọ́la, àbí?” ti pé. Èyí fi hàn pé “àbí” ní ààyè tirẹ̀ nínú gírámà, èyíinì ni ààyè ìbéèrè, tí “tàbí” kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rí mìíràn ni pé ẹni tó fara mọ́ ọ̀rọ̀ ẹnìkejì lè dáhùn pé “Àbí!” láìfi nǹkan kan kún un, ohun tí “tàbí” kò lè ṣe láéláé.

Bí iṣẹ́ rẹ̀ ti hàn báyìí, ó ku bí ó ti tàn tó. Ìtàn agbègbè náà kò jẹ́ kó rọrùn láti sọ pé abúlé kan dá “àbí” ní tirẹ̀. Àgọ́ ogun ni Ìbàdàn ní nǹkan bí ọdún 1829, tí àwọn jagunjagun Ifẹ̀, Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá para pọ̀ sí; Ìjàyè, tó wà ní apá Akínyẹlé lónìí, jẹ́ ìlú ńlá tó ń bá Ìbàdàn figagbága títí ogun fi tú u ká ní ọdún 1862. Ọ̀pọ̀ abúlé oko ni àwọn ìdílé tí agboolé wọn wà nínú ìlú Ìbàdàn tẹ̀ dó, tí wọ́n ṣì ń padà sílé fún ọdún, òkú àti ìgbéyàwó. Níbi tí ilé àti oko ti ń pàdé lemọ́lemọ́ bẹ́ẹ̀, ó ṣòro kí àṣà ẹnu kan há sí abúlé kan. Ìbéèrè tó yẹ kí onídàájọ́ bi ara rẹ̀ ni bóyá ẹni tí kò ní ìbátan pẹ̀lú Ìbàdàn rárá, bí ọmọ Abẹ́òkúta tàbí ọmọ Èkó, yóò lò ó láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ní ti “àbí”, bẹ́ẹ̀ ni ìdáhùn náà.

Síbẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tàn kálẹ̀ kọ́ ni pé kó yẹ gbogbo ibi. “Àbí” jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, ó bá ìtàkurọ̀sọ inú ìtàn àròsọ àti eré onítàn mu, ṣùgbọ́n kò bá ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba ìbílẹ̀ ní Mọ́níyà mu. Èyí jẹ́ ọ̀ràn ipò ìlò, kì í ṣe ti àdúgbò. Ọ̀ràn ìwà ọmọlúwàbí náà tún wà níbẹ̀, nítorí pé ọmọdé tó bá sọ fún bàbá àgbà pé “Ẹ ń bọ̀ lọ́la, àbí?” lè dà bí ẹni tó ń fipá gba ìlérí lẹ́nu rẹ̀, “Ṣé ẹ máa lè wá lọ́la, Bàbá?” ni wọn yóò kọ́ ọ pé kó wí. Ìbáwí tí ọmọ náà gbà kò fi hàn pé èdè rẹ̀ kò jẹ́ àjùmọ̀lò. Ìkùnà àti ya ohun mẹ́ta wọ̀nyí sọ́tọ̀, àdúgbò, ipò ìlò àti ìtẹríba, ni orísun èyí tó pọ̀ jù nínú àṣìdá ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

“Ẹ ń bọ̀ bí?” ń kọ́ni ní ìdàkejì. “Bí” tó wà ní ìparí rẹ̀ jẹ́ atọ́ka ìbéèrè tí ìwé gírámà mọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ó ti ṣọ̀wọ́n lẹ́nu ọ̀dọ́ ju “ṣé” lọ. Bí iye ìgbà tí a ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lọ́jà bá jẹ́ òṣùwọ̀n kan ṣoṣo, a ó ti lé “bí” kúrò nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, ìpàdánù ńlá ni ìyẹn yóò sì jẹ́.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ agbègbè náà ń sọ gba òṣùwọ̀n kan náà, ṣùgbọ́n ìdájọ́ rẹ̀ yàtọ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì ilé ìwé, ìbéèrè àsomọ́ ń yí padà gẹ́gẹ́ bí olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe ti yí padà, bẹ́ẹ̀ “àbí” wa kì í yí padà, ìbáà jẹ́ ìwọ, ìbáà jẹ́ àwa. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sọ pé ẹnìkan ń bọ̀, tó wá so ìbéèrè kan náà mọ́ gbogbo gbólóhùn, ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe ohun tí “àbí” ń ṣe. Kì í ṣe àṣà Ẹgbẹ́dá nìkan, nítorí pé wọ́n ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà, wọ́n sì ń sọ irú rẹ̀ ní Íńdíà àti ní Wéésì. Ṣùgbọ́n ìdánwò kò tíì gbà á, olùkọ́ sì gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ náà láìpè é ní ará oko.

Èyí tó ṣì gba àfiyèsí ni “Ẹ ń bọ̀ lọ́la, ṣé?”, níbi tí “ṣé” ti kúrò níwájú lọ sí ìparí. Ẹni tó bá fẹ́ dájọ́ lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́tí sí àgbà tí kò kàwé àti ọ̀dọ́ tó kàwé ní abúlé kan náà, kó tẹ́tí sí irú àwọn bẹ́ẹ̀ ní ìlú tí kò fara kan Ìbàdàn, kó sì wò ó bóyá wọ́n ń lò ó ní ọ̀nà kan náà. Bí àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé nìkan bá ń lò ó níbi méjèèjì, a lè fura pé ìlò Gẹ̀ẹ́sì ló tì í síbẹ̀; bí àgbà Ìbàdàn nìkan bá ń lò ó, ti àdúgbò ni; bí gbogbo wọn bá ń lò ó, iṣẹ́ ku fún àwọn tó ń kọ ìwé gírámà.