Bí Ìtọ̀ Bá Ń Dà Dáadáa Tí Àtọ̀ Kò Sì Jáde

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí jẹ́ èyí tí ojú ń ti àgbà láti sọ, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a gbọ́ ọ.

Kókó kan wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin tí à ń pè ní pirósítéètì. Kò ju àwúsá lọ nígbà tí a wà ní ọ̀dọ́, ó sì yí ọ̀nà ìtọ̀ ká bí òrùka. Bí ọjọ́ orí ti ń gòkè ni ó ń wú, tí ó sì ń fún ọ̀nà náà. Ìtọ̀ yóò máa pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kò ní lágbára, bàbá yóò sì máa jí tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin lóru. Wíwú yìí kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n dókítà ni yóò yẹ ara wò kí ó tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi bàbá ẹni ọdún 66 kan ṣe àpẹẹrẹ. Dókítà fún un ní támúsúlósìn míligíráàmù 0.4, ẹyọ kan lójúmọ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ìtọ̀ fi ń dà dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ìyàwó rẹ̀ sùn, nǹkan ọkùnrin rẹ̀ le, adùn náà dé, àtọ̀ kò sì jáde. Ó ní àwọn ará ilé ti rán nǹkan sí òun láti ọ̀nà jíjìn, ó sì da oògùn nù. Kò pẹ́ tí ìtọ̀ fi tún há.

Kò sí ẹni tó rán nǹkan sí i. Nígbà tí àtọ̀ bá fẹ́ jáde, ọrùn àpò ìtọ̀ a máa pa dé bí ilẹ̀kùn. Oògùn tó dẹ ọrùn yìí kí ìtọ̀ lè kọjá ń dẹ àwọn iṣan tí ń ti àtọ̀ jáde pẹ̀lú. Nítorí náà àtọ̀ lè dín kù, ó lè má wá rárá, tàbí kí ó gba ẹ̀yìn sínú àpò ìtọ̀, kí ó sì bá ìtọ̀ jáde. Kò pa ara lára, kò sì sọ ọkùnrin di akúra. Bí a bá dá oògùn náà dúró, àtọ̀ a máa padà. Kí bàbá sọ fún dókítà. Oògùn mìíràn wà, bí àlífúsósìn, tí kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ tí a ń gba ojú ọ̀nà ìtọ̀ ṣe yàtọ̀. Ibẹ̀ ni a ti gé ilẹ̀kùn náà, nítorí náà ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ṣe é kì í rí àtọ̀ mọ́ títí ayé, bí nǹkan ọkùnrin tilẹ̀ ń le bí ti àtẹ̀yìnwá fún ọ̀pọ̀ wọn. Ẹni tó ṣì ń fẹ́ ọmọ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí abẹ tó kàn án.

Fínásítéráìdì ní tirẹ̀ ń sún kókó náà kì, ó sì lè tó oṣù mẹ́fà kí a tó rí ipa rẹ̀ ní kíkún. Òun ni ó lè dín ìfẹ́ ìbálòpọ̀ àti líle nǹkan kù fún àwọn díẹ̀.

Bí ìtọ̀ bá há pátápátá, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́: ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.