Ètò Ọjọ́ Méjìdínlọ́gbọ̀n fún Àwọn Tí Ń Gbé Ọ̀rọ̀ Wa Jáde

Ohun tí mo bá wá ni bí ènìyàn mẹ́rin tí wọ́n ní iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ lọ́wọ́ ṣe lè máa gbé ọ̀rọ̀ kan jáde ní gbogbo Ọ̀sẹ̀ Ifá, láìjẹ́ pé àárẹ̀ dá wọn dúró.

Ọ̀sẹ̀ ìbílẹ̀ wa jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ iléeṣẹ́ sì jẹ́ méje. Bí Ọ̀sẹ̀ Ifá bá bọ́ sí ọjọ́ Ajé, èyí tó tẹ̀lé e yóò bọ́ sí Ẹtì, lẹ́yìn náà Ìṣẹ́gun, Àbámẹ́ta, Ọjọ́rú, Àìkú àti Ọjọ́bọ̀, kí ó tó padà sí Ajé. Ọjọ́ 28 ni ìyípo náà, Ọ̀sẹ̀ méje ló sì wà nínú rẹ̀. Nítorí pé ọjọ́ náà ń yí káàkiri, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ṣíìfù ní Sángo kò lè gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ ara rẹ̀ láti gbé ọ̀rọ̀ jáde ní àárọ̀ Ọ̀sẹ̀. Ní ìgbà kan yóò wà lẹ́nu ẹ̀rọ, ní ìgbà mìíràn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ti iṣẹ́ òru bọ̀. Nítorí náà, ìyípo yìí ni a fi ń ṣe ọ̀rọ̀ méje ti ìyípo tó ń bọ̀.

Ẹ ṣí tábìlì kan nínú Google Sheets. Ẹ kọ ọjọ́, àkọlé, ẹni tó ń kọ ọ́, ẹni tó ń fọwọ́ sí i, àti ibi tí iṣẹ́ dé sí òkè rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sí A2, kí ẹ fi èyí sí A3, kí ẹ sì fà á dé A8:

```
=A2+4
```

Ní Ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ yan àkọlé méje, kí ẹ sì gba ohùn àgbà tí yóò ṣàlàyé wọn sílẹ̀ ní ìjókòó kan ṣoṣo. Bí àlàyé kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àádọ́rin ìṣẹ́jú ni gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú ìsinmi díẹ̀ láàárín. Èyí sàn fún àgbà ju kí a máa pè é lẹ́ẹ̀méje lọ. Ọ̀sẹ̀ kejì àti ìkẹta wà fún kíkọ. Ìkẹrin àti ìkarùn-ún wà fún ìfọwọ́sí. Ìkẹfà ni a ó tò wọ́n sórí ẹ̀rọ. Ní ìkeje, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ yìí.

Ènìyàn méjì ni kí ó máa fọwọ́ sí ọ̀rọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ni àgbà tó mọ ohun tí a lè sọ ní gbangba àti èyí tí awo gbọdọ̀ pa mọ́. Ẹnì kejì ń wo èdè àti àmì ohùn. Àgbà lè fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí olóòtú sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú tábìlì. Ìdákẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ìfọwọ́sí. Ọ̀rọ̀ tí kò bá rí ìdáhùn títí Ọ̀sẹ̀ karùn-ún fi parí yóò di ti ìyípo mìíràn, a ó sì fi ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ méjì tí a ti fọwọ́ sí, tí a sì fi pamọ́, dípò rẹ̀. Bí ẹ bá ń lo WordPress, ẹ fi àwọn òǹkọ̀wé sí ipò Contributor, kí olóòtú nìkan jẹ́ Editor. Contributor lè kọ̀wé, ṣùgbọ́n kò lè gbé e jáde.

Ohun méjì ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Bí ọ̀rọ̀ aago mẹ́fà àárọ̀ bá ń jáde ní aago méje, UTC ni Timezone yín wà. Ẹ lọ sí Settings, General, kí ẹ yan Lagos. Bí àkókò bá kọjá tí ọ̀rọ̀ kò jáde rárá, ó lè jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò ṣí ojú ìwé yín ní wákàtí náà, nítorí pé ìbẹ̀wò ènìyàn ló máa ń ta WordPress jí. Kí ẹnì kan ṣáà ṣí i ní àárọ̀ Ọ̀sẹ̀.

Tábìlì náà ni yóò kọ́kọ́ fi àárẹ̀ hàn yín. Bí ọ̀rọ̀ mẹ́ta bá ṣì wà ní kíkọ nígbà tí Ọ̀sẹ̀ kẹrin bẹ̀rẹ̀, tàbí tí a bá mú nínú èyí tí a fi pamọ́ ní ìyípo méjì léraléra, iṣẹ́ ti ju ọwọ́ lọ. Ẹ má ṣe fi òru kún ọ̀sán. Ẹ dín ọ̀rọ̀ méje kù sí mẹ́rin, kí ẹ máa gbé wọn jáde ní Ọ̀sẹ̀ kìíní, ìkẹta, ìkarùn-ún àti ìkeje. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún síra ni Ìwé Ìròhìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859 ń jáde, àwọn ènìyàn sì ń dúró dè é. Ọjọ́ tí a dá tí kò yẹ̀ ni òǹkàwé ń fẹ́.