Nígbà Tí Páìpù Bá Ń Hó Lóru

(Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, tó ń ṣiṣẹ́ púlọ́ńbà, bá wa sọ ní ìpàdé oṣù ti ẹ̀ka wa ní ìpínlẹ̀ Jọ́jíà, Amẹ́ríkà. A tẹ̀ ẹ́ síbí nítorí àwọn tí kò ráyè wá, àti nítorí àwọn tó ti ń béèrè rẹ̀ lórí Wọ́sáàpù.)

Wọ́n ní kí n má pẹ́ lórí ìdúró, nítorí ìrẹsì ti jinná. Mi ò ní pẹ́.

Nígbà tí a wà nílé, omi kì í ní agbára jù fún wa. Ẹni tó gbẹ́ kànga, tó gbé tánkì sórí òpó, bí tánkì yẹn bá ga tó ogún ẹsẹ̀ bàtà, agbára tó máa dé ẹnu ẹ̀rọ omi nísàlẹ̀ kò tó páùn 9 lórí ínṣì kan. Ohun tí a mọ̀ ni kí omi má dé òkè. Níbí, òdìkejì ni. Omi ìjọba ń ti ojú títì wọlé tààrà, agbára rẹ̀ sì lè ju ohun tí ilé lè gbà lọ. Jọ́jíà yìí kún fún òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Àwọn tó ń pín omi gbọ́dọ̀ tì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà lórí òkè, kó tún tó fún àwọn panápaná. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà nísàlẹ̀ òkè ló ń jẹ gbèsè yẹn. Bí ẹ bá fi ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà wà nísàlẹ̀ ju aládùúgbò yín lọ, agbára omi yín fi bíi páùn 43 ju tirẹ̀ lọ.

Òfin ilé kíkọ́ níbí sọ pé kò gbọdọ̀ ju páùn 80 lọ nínú ilé. Bí ti ojú títì bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n máa ń fi fáàfù kan sẹ́nu ọ̀nà tí omi gbà wọlé, tó ń dín agbára rẹ̀ kù. Idẹ ni, ó rí bí agogo kékeré, bóòtì kan sì wà lórí rẹ̀. Ẹ lọ wò ó ní yàrá abẹ́ ilé yín tàbí nítòsí mítà. Ọ̀pọ̀ wa ló ti gbé ilé ní ọdún mẹ́wàá tí kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Àwọn kan tiẹ̀ fi aṣọ kọ́ ọ lọ́rùn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ẹ̀gbọ́n wa kan. Wọ́n jókòó síbí, wọ́n sì ti gbà kí n sọ ọ́, bí mi ò bá ti dárúkọ wọn.

Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ariwo. Bí ẹ̀rọ ìfọṣọ bá ti fa omi tán, páìpù inú ògiri á dún gbì, bí ẹni fi odó lu ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, tánkì tọ́ílẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í hó ṣììì ní aago méjì òru, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò lò ó. Ẹ̀rọ omi kíṣìnì ń kán. Wọ́n pè mí. Mo dé ní ọ̀sán, mo pààrọ̀ ohun tó ń gba omi sínú tánkì tọ́ílẹ́ẹ̀tì, mo gba owó mi, mo lọ. Mi ò wọn agbára omi náà rárá. Ẹ̀bi mi nìyẹn, mo sì ti tọrọ àforíjì.

Ní oṣù méjì, omi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára híítà omi. Ẹ mọ páìpù kan tó gba ẹ̀gbẹ́ híítà wá sílẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ kò so mọ́ nǹkan kan? Fáàfù ààbò ló wà lórí rẹ̀. Bí agbára inú híítà bá dé páùn 150, tàbí bí omi bá gbóná kọjá ààlà, á ṣí, á sì tú omi dànù. Láràárọ̀ ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n ń bá bíi abọ́ omi kan nílẹ̀. Ẹnì kan wá, ó pààrọ̀ fáàfù náà. Lọ́jọ́ kẹrin, omi tún jáde. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ wá ní kí àwọn di ẹnu páìpù náà pa, pé wàhálà tán nìyẹn.

Ọpẹ́lọpẹ́ pé ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ pè mí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Ibẹ̀ nìkan ni híítà yín ń gbà mí." Híítà tí ẹ bá dí i lẹ́nu, tí iná rẹ̀ kò sì dákẹ́ mọ́, ó lè bú gbàù, kó gba àjà ilé jáde. Ẹni bá rántí nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ mi lónìí, kó rántí ibí yìí.

Lọ́jọ́ kejì mo mú géèjì lọ. Ohun kékeré ni, ẹ máa yí i mọ́ ẹnu ẹ̀rọ omi ìta tí a fi ń fọ mọ́tò. Owó rẹ̀ kò ju owó oúnjẹ ọ̀sán lọ. Ra èyí tó ní abẹ́rẹ́ méjì: dúdú ń sọ ohun tó wà nísinsìnyí, pupa ń dúró síbi tó ga jù tí dúdú dé. Aago mọ́kànlá àárọ̀ ni, ìyàwó ń fọ ẹ̀fọ́ ní kíṣìnì. Géèjì ka 62. Ó dára. Díẹ̀ ló kù kí n tún lọ.

Ibẹ̀ ni fáàfù yìí ti ń tan ènìyàn. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé: sípíríńgì wà lókè, ó ń ti rọ́bà pẹlẹbẹ kan sísàlẹ̀ láti ṣí ọ̀nà fún omi. Omi inú ilé ń ti rọ́bà kan náà padà sókè. Bí agbára inú ilé bá dé ìwọ̀n tí a yí bóòtì sí, omi á borí sípíríńgì, ọ̀nà á dí. Tí ẹnikẹ́ni bá ń lo omi, ọ̀nà ní láti ṣí díẹ̀, nítorí náà fáàfù tó ti bàjẹ́ lè ka iye tó dára. Ìgbà tí gbogbo ilé bá ti pa ẹ̀rọ omi ni ó yẹ kó dí pátápátá. Bí yanrìn bá há sí ẹnu ọ̀nà náà, tàbí tí rọ́bà rẹ̀ bá ti jẹ, kò ní í dí. Omi ojú títì á máa yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀, títí agbára inú ilé á fi bá ti ìta dọ́gba. Lóru, nígbà tí gbogbo àdúgbò ti sùn, ti ìta gan-an á tún lọ sókè. Ìdí nìyẹn tí ariwo fi ń wá lóru, tí púlọ́ńbà sì ń wá lọ́sàn-án.

Mo fi géèjì sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Nígbà tí mo dé, abẹ́rẹ́ pupa wà ní 152.

Ṣé fáàfù nìkan ló lè fa 152? Rárá. Omi tó bá gbóná máa ń fẹ̀. Híítà gálọ́ọ̀nù 40 tó gbóná láti tútù dé bí a ṣe ń lò ó, omi inú rẹ̀ á fi bí ìdajì gálọ́ọ̀nù pọ̀ sí i. Fáàfù ẹnu ọ̀nà sì sábà máa ń ṣe bí ilẹ̀kùn tí kò jẹ́ kó padà sójú títì. Tánkì kékeré kan ló yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ híítà, tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, tó ń gba omi àlékún yẹn. Nítorí náà ọ̀daràn méjì ló wà, a ní láti yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo pa híítà. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan omi fún wákàtí kan. Àwọn ọmọ ráhùn. Mo ṣí ẹ̀rọ omi díẹ̀, géèjì wálẹ̀ sí 60, mo pa á. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, 71. Lẹ́yìn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, 90. Lẹ́yìn ogójì, ó dúró ní 122. Híítà kò gbóná, ẹnikẹ́ni kò ṣe nǹkan kan, síbẹ̀ ó ń gun òkè. Ojú títì ló ń yọ́ wọlé. Mo ti omi pa pátápátá lẹ́bàá mítà, mo tún un ṣe: géèjì dúró ní 60, kò mira. Fáàfù jẹ́wọ́ nìyẹn. Ká ní ó dúró ní 60 pẹ̀lú omi ìta tó ṣí, tó wá fò sókè kìkì nígbà tí híítà tanná, tánkì kékeré ni à bá mú.

Àmọ́ a mú òun náà. Mo tẹ pín ibi tí a ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, omi ló tú jáde. Awọ inú rẹ̀ ti ya. Ọmọkùnrin wọn máa ń ti ibi iṣẹ́ dé ní aago kan òru, á wẹ̀. Lẹ́yìn tó bá sùn, híítà á tún tanná, kò sì síbi tí omi máa fẹ̀ sí. 122 di 152, fáàfù ààbò ṣí. Kò bàjẹ́ rí. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe.

Àwọn kan á ní, ṣé a kò lè yí bóòtì náà kúrò ní ipò? Ẹ lè dán an wò: ẹ tú nọ́ọ̀tì, ẹ yí bóòtì sọ́wọ́ òsì kí agbára dínkù, kí ẹ̀rọ omi kan sì ṣí díẹ̀, torí agbára tó ti há sínú páìpù kò ní í wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí yanrìn bá wà lẹ́nu rẹ̀, 50 tí ẹ fi sí á tún gun dé 122. Èyí tí mo gbé kúrò, mo là á: àyàsẹ́ rẹ̀ ti ya, rọ́bà rẹ̀ ti ní ojú ọgbẹ́ bí ìgbà tí ọ̀bẹ kọjá. Wọ́n ti gbẹ́ ojú títì láti tún páìpù ńlá ṣe ní oṣù díẹ̀ ṣáájú. Mo fura síbẹ̀. Ó sì ti lo ọdún mẹ́rìnlá, kò ṣàìtó gẹ́.

Mo fi tuntun sí i, mo yí i sí 55. Mo fẹ́ afẹ́fẹ́ tánkì kékeré tuntun sí 55 kí omi tó wọ̀ ọ́, torí méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Abẹ́rẹ́ pupa ní àárọ̀ ọjọ́ kejì: 64. Họ́ọ̀sì ẹ̀rọ ìfọṣọ wọn ti wú bí ikùn ejò tó gbé eku mì, a pààrọ̀ òun náà. Yàrá òkè ló wà, lórí pálọ̀ gan-an. Ọ̀sẹ̀ méjì sí ìgbà yẹn ni gbogbo ilé ń lọ sílé fún òkú ìyá wọn.

Géèjì méjì wà lọ́wọ́ akọ̀wé wa. Ẹ yá a, ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú, ẹ dá a padà kó tó di ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹni tí abẹ́rẹ́ pupa rẹ̀ bá kọjá 80, kó ya fọ́tò rẹ̀ sí mi lórí Wọ́sáàpù, kó sì kọ aago tó yà á sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí ní aago méjì òru o. Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ jẹun.