Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú gúrúùpù tó kún, àti bí a ṣe ń dágbére níbẹ̀
(Ọ̀rọ̀ tí alukoro ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá)

Ìgbìmọ̀ ní kí alukoro sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Alága ti gbé agogo ka iwájú, mo rí i.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi agogo yẹn bẹ̀rẹ̀. Ní ìpàdé wa, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á nawọ́, alága á pè é, bí ó bá sì ń gùn jù, agogo á dún. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń rí ojú wa, ó sì mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ òun ń dun ẹnìkan. Nínú gúrúùpù Wasáàpù wa, kò sí agogo, kò sí ojú. Àwa tó lé ní ọgọ́rin ni a lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnìkan ń kí ọlọ́jọ́ ìbí, ẹnìkan ń fi fídíò ránṣẹ́, ẹlòmíràn sì ń bèèrè owó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó yẹn ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, torí pé nǹkan tí mò ń fojú rí lójoojúmọ́ ní báǹkì ni, òun ló sì máa ń ba ilé jẹ́.

Ẹ gbà pé owó aṣọ Ọjúde Ọba ni. Gbogbo wa mọ̀ pé ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ọjúde Ọba, nítorí náà, ọjọ́ tí aṣọ gbọ́dọ̀ jáde kò ṣeé sún síwájú. Akápò gbé orúkọ àwọn tó ti sanwó sínú gúrúùpù. Ọmọ ẹgbẹ́ kan wò ó, kò rí orúkọ tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti sanwó. Ó kọ ọ́ báyìí pé: “Kí ló dé tí orúkọ mi ò sí níbẹ̀? Mo ti sanwó tipẹ́. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn.”

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí àárín ìkíni ọjọ́ ìbí. Ẹnìkan dáhùn pé “Àmín”, kò tiẹ̀ ka ohun tó wà lókè. Ẹnìkan fi àwòrán ẹlẹ́rìn-ín ránṣẹ́. Akápò wà lọ́jà látàárọ̀. Nígbà tó fi máa ṣí fóònù rẹ̀ lálẹ́, “bí wọ́n ṣe máa ń ṣe” nìkan ló rí, ó sì gbọ́ ọ bí ẹni pé wọ́n ní òun kówó jẹ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn kan ti wà lẹ́yìn akápò, àwọn kan ti wà lẹ́yìn ẹni tó sanwó.

Níbo ni owó wà? Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mo mọ̀ pé irú owó bẹ́ẹ̀ kì í sábà sọnù. Ó ti wọlé, ṣùgbọ́n orúkọ ẹlòmíràn ló bá wọlé. Ọkọ ti inú àkáǹtì ìyàwó sanwó, tàbí oníṣòwò ti inú àkáǹtì ilé iṣẹ́ rẹ̀ sanwó. Orúkọ tó wà lórí àkáǹtì tí owó ti jáde ni akápò máa rí nínú álẹ́ẹ̀tì, kò sì ní ọ̀nà kankan láti mọ̀ pé ti ta ni. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn oníbàárà wa pé, níbi tí wọ́n bá ti rí “Narration” nígbà tí wọ́n bá ń fi owó ránṣẹ́, kí wọ́n kọ orúkọ ara wọn àti ohun tí owó wà fún. Kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ kan náà ṣe lè jáde:

“Ẹ káàárọ̀ o, akápò wa. Mo san 45,000 náírà owó aṣọ ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá. Inú àkáǹtì ìyàwó mi ni mo ti san án, orúkọ rẹ̀ lẹ máa rí nínú álẹ́ẹ̀tì. Mo ti fi rìsíìtì ránṣẹ́ sí yín lọ́tọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wò ó kó tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí télọ̀ lè ráyè.”

Iye owó wà níbẹ̀, ọjọ́ wà níbẹ̀, orúkọ tí akápò máa wá wà níbẹ̀, ohun tí a fẹ́ kó ṣe àti ìgbà tí a fẹ́ ẹ wà níbẹ̀. Akápò lè ṣí álẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kó rí owó náà kó tó mu omi tán. Kò sí “wọ́n”, kò sì sí “máa ń ṣe”. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn ló máa ń sọ ìbéèrè di ẹ̀sùn.

Ẹ kíyè sí i pé rìsíìtì lọ lọ́tọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má máa gbé àwòrán ojú áàpù báǹkì yín sínú gúrúùpù. Nígbà mìíràn, iye tó kù nínú àkáǹtì ń hàn lókè, ẹ kò sì mọ ọmọ ta ni fóònù bàbá rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Akápò nìkan ló nílò rìsíìtì, pàápàá nọ́ńbà gígùn tí wọ́n ń pè ní “Session ID”, torí òun ni báǹkì máa fi wá owó náà bí kò bá tíì wọlé.

Ibi tí a gbé ọ̀rọ̀ sí náà ṣe pàtàkì. Ẹ má kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ lásán. Ẹ lọ bá ọ̀rọ̀ tí akápò fi orúkọ ránṣẹ́, ẹ fi ìka fà á sí apá ọ̀tún, kí èsì yín lè so mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ @, kí ẹ sì mú orúkọ akápò nínú èyí tó bá yọ. Bó tilẹ̀ ti pa ariwo gúrúùpù, fóònù rẹ̀ á sọ fún un pé wọ́n dárúkọ òun.

Àwọn kan á ní kí a kúkú máa sọ gbogbo ọ̀rọ̀ owó ní kọ̀rọ̀. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Ó dáa kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí akápò nìkan. Bí ẹ bá tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ máa rí “Reply privately” láàárín ohun tó máa yọ. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ méjì bá kọjá láìsí èsì, ẹ gbé e wá sí gbangba, ẹ má bẹ̀rù. Owó ẹgbẹ́ ni, ẹgbẹ́ sì ni gbogbo wa. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá sì ti yanjú, ẹni tó bèèrè ni kó padà wá sọ níbẹ̀ pé: “Akápò ti rí i, orúkọ mi ti wọlé, ẹ ṣeun.” Èyí ni a máa ń gbàgbé jù. Ẹni tó rí ìbéèrè tí kò rí ìdáhùn á rò pé owó ṣì sọnù títí di òní.

Tó bá di ọ̀rọ̀ jíjáde, mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sọ fún mi pé òun fẹ́ kúrò, ariwo ló ń lé e, tàbí fóònù tó kún. Ẹni tí ariwo ń yọ lẹ́nu, kó ṣí gúrúùpù náà, kó tẹ “Mute notifications”, kó sì mú “Always”. Kò sí ẹni tó máa mọ̀. Ẹni tí fóònù rẹ̀ kún, fídíò àti àwòrán ló kún un. Kó lọ sí “Settings”, kó wọ “Storage and data”, kó dá fóònù dúró kó má máa fà wọ́n wọlé fúnra rẹ̀. Gúrúùpù ẹbí, pàápàá ti ilé bàbá ẹni, ibi tí mo máa dúró sí nìyẹn: ẹ pa ariwo rẹ̀, ẹ má jáde.

Bí ó bá wá jẹ́ pé lílọ ló kù, ẹ mọ ohun tí fóònù máa ṣe. Tẹ́lẹ̀, bí ẹnìkan bá jáde, gbogbo gúrúùpù ló máa rí i. Láti 2022, àwọn ádímìn nìkan ni Wasáàpù ń sọ fún. Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn kan rò pé àwọn lè yọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ṣí ibi tí orúkọ wa wà lè rí àwọn tó jáde láàárín 60 ọjọ́. Ẹ̀yin tí ẹ yọ́ lọ lóru, ọ̀sán ni wọ́n máa rí yín.

Ó ti ṣẹlẹ̀ láàárín wa. Ọ̀rẹ́ wa kan jáde ní alẹ́ ọjọ́ tí ìjà owó aṣọ gbóná. Iṣẹ́ ló wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ìjà náà ò kàn án rárá, ṣùgbọ́n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. A rò pé ó ti bínú fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹnìkan nínú wa pàdánù bàbá rẹ̀. Inú gúrúùpù ni ìkéde wà, ẹni tó jáde ò gbọ́, kò dé ibi òkú. Àwọn méjèèjì ti jọ wà láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó tún máa kí ara wọn, àwọn ìyàwó wọn ló sì parí rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má jáde lọ́jọ́ ìjà. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ tutù. Ẹ san ohun tí ẹ bá jẹ. Ẹ pe alága tàbí akọ̀wé lórí fóònù kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan ni ádímìn, ẹ kọ́kọ́ fi ẹlòmíràn ṣe é, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Wasáàpù máa mú ẹni tó bá wù ú. Lẹ́yìn náà lẹ máa kọ ọ́, bóyá báyìí:

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ojúgbà mi. Màá kúrò nínú gúrúùpù yìí ní alẹ́ ọ̀la. Mo ṣì wà nínú ẹgbẹ́, ẹ máa rí mi ní ìpàdé. Ìròyìn ayọ̀ tàbí ti òfò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pè mí. Akọ̀wé ní nọ́ńbà mi. Ẹ ṣeun, mo mọrírì yín.”

Kò sọ pé ariwo pọ̀, kò sọ pé a ò níṣẹ́ ṣe. Ó dá ọjọ́, ó sì dúró di ọjọ́ náà, kí àwọn tó fẹ́ kí i lè kí i. Bí wọ́n bá ní “Ẹ má lọ o”, kó dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kó má ṣàlàyé kankan mọ́. Àwa tó kù náà, ẹ jọ̀wọ́, kí ádímìn má tún fi agídí fà á padà, kí ẹnikẹ́ni má sì kọ “ó ti sá” nígbà tó bá lọ tán.

Gúrúùpù àwọn àjèjì tó ń ṣèlérí pé owó yín á di ìlọ́po méjì lọ́sẹ̀ kan ò sí nínú gbogbo ìmọ̀ràn yìí. Àwọn yẹn ò yẹ fún ìdágbére. Ẹ jáde lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ “Settings”, “Privacy”, “Groups”, kí ẹ mú “My contacts”, kí ẹni tí ẹ kò mọ̀ má lè tì yín wọlé mọ́.

Akọ̀wé ti bẹ̀rẹ̀ ìwé kan fún àwọn tí kò sí nínú gúrúùpù, orúkọ àti nọ́ńbà tí a máa pè bí òfò tàbí ayọ̀ bá ṣẹlẹ̀. Ó wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ tiyín sí i kí ẹ tó lọ síbi oúnjẹ.