Wọ́n Ti Yọ Owó Orí Lára Dífídẹ́ǹdì Yín: Ṣé Ó Tún Kù?

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ́ ẹ ṣì ní ṣíà nínú báńkì àti iléeṣẹ́ nílé, ìbéèrè kan ni ẹ ń bi mí ṣáá: "Wọ́n ti yọ owó orí kí dífídẹ́ǹdì mi tó wọ àkáǹtì. Ṣé mo tún jẹ gbèsè?"

Ní ti Nàìjíríà, ó ti tán. Iléeṣẹ́ náà ti yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ti san án fún ìjọba. Fún ẹni tí kò gbé Nàìjíríà, ibẹ̀ ló parí sí.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni iṣẹ́ kù. Ẹni tó bá ń gbé ibẹ̀, ìjọba ibẹ̀ ń ka owó tó wọlé fún un láti ilẹ̀ mìíràn mọ́ tirẹ̀. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tẹ́ ò tíì pé ọdún mẹ́rin, ìlànà tiyín lè yàtọ̀, ẹ béèrè.) Dífídẹ́ǹdì £500 àkọ́kọ́ lọ́dún kò ní owó orí, àmọ́ gbogbo dífídẹ́ǹdì yín ló ń pín £500 yẹn, tilé àti ti ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan, ní ọdún owó orí tó bẹ̀rẹ̀ ní 6 oṣù kẹrin 2025. Arábìnrin kan ń gba £35,000 lọ́dún. Dífídẹ́ǹdì rẹ̀ láti ilé, tí a bá ṣírò náírà sí pọ́n-ùn, jẹ́ £1,200. Wọ́n yọ £120, £1,080 ló sì wọ àkáǹtì. Tó bá kọ £1,080 sínú fọ́ọ̀mù torí pé òun ló rí lórí fóònù, yóò yọ £500 kúrò, yóò sì san 8.75% lórí £580 tó kù, ìyẹn £50.75. Owó tí kò yẹ kó san rárá nìyẹn!

£1,200 ló yẹ kó kọ. Owó orí lórí £700 jẹ́ £61.25. Nínú fọ́ọ̀mù SA106, yóò fi £120 tí wọ́n ti yọ nílé dí i. Kò san kọ́bọ̀ mọ́. £58.75 tó ṣẹ́ kù nínú £120 náà ńkọ́? Ẹ má retí rẹ̀ o, wọn kì í dá a padà.

Àmọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gba £60,000, tí dífídẹ́ǹdì tiẹ̀ náà jẹ́ £1,200, 33.75% ni tirẹ̀. Owó orí rẹ̀ lórí £700 jẹ́ £236.25. Tó bá yọ £120, ó ku £116.25 tó gbọ́dọ̀ san. Òun ni ìdáhùn "ó ti tán" ń ṣi lọ́nà jù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ yín ti máa há ni ẹ̀rí. Àlẹ́ẹ̀tì báńkì kì í fi iye tí wọ́n yọ hàn. Ẹ kọ̀wé sí réjísírà iléeṣẹ́ tẹ́ ẹ ní ṣíà sí, kí wọ́n fi ìwé dífídẹ́ǹdì tó kọ iye gbogbo, iye tí wọ́n yọ àti iye tó kù ránṣẹ́. Ẹ béèrè rẹ̀ nísinsìnyí. 31 oṣù kìíní 2027 ni fọ́ọ̀mù ọdún yìí gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn.